Yíya ẹsẹ̀ tábìlì tí ẹ̀rọ léètì máa yí, àti yíyẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò kí ọbẹ tó kan igi

Oníbàárà mi kan ní Súrùlérè fẹ́ tábìlì ìjẹun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní òun ò fẹ́ ẹsẹ̀ gbọọrọ tó dà bíi ti àga ilé ìwé. Ẹsẹ̀ tí wọ́n yí lẹ́rọ ni òun fẹ́, kó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, kó máa sanra bó ṣe ń lọ sókè, kó sì ní ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn. Ẹsẹ̀ yẹn la máa yà níbí, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ OpenSCAD ni mo fi ń yà á. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ tán. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ni pé a kì í fi máòsì fa ìlà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n la ń kọ, òun á sì ya ohun tí a kọ. Ohun tí a bá sì ti kọ sílẹ̀, a lè kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, a tún lè ní kí kọ̀ǹpútà bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ̀n tó ti wà kí a tó ya ohunkóhun

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ẹwà ẹsẹ̀ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tábìlì. Tábìlì yìí ga ní mìlímítà 750 láti ilẹ̀ dé orí, pákó orí rẹ̀ sì nípọn ní 25. Ẹsẹ̀ á wá jẹ́ 725. Pákó tó so àwọn ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ orí tábìlì, èyí tí èmi máa ń pè ní ìgbàjá, fẹ̀ ní 100. Ibi tí ìgbàjá bá ti wọnú ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, torí pé ara tó tẹ́jú ni ìgbàjá lè fara tì. Nítorí náà, mo fi 130 sílẹ̀ lókè láìyí i: 100 fún ìgbàjá, 30 tó kù sì máa hàn lábẹ́ rẹ̀ kí ojú má bàa rí i bíi pé wọ́n gé e mọ́ra jù. 725 tí a bá yọ 130 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 595. Nínú 595 yìí ni gbogbo ọnà wa máa wà.

Igi ńkọ́? Ìrókò ni, tí wọ́n là ní ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́ta. Ínǹṣì mẹ́ta jẹ́ mìlímítà 76 àti díẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá a tí igun rẹ̀ sì ti gún, 70 ni mo máa ń rí mú. Ní gígùn, mo gé e sí 770 kí ẹnu méjèèjì lè ní ibi tí irin léètì máa dì mú, tí a ó sì gé kúrò níkẹyìn.

Ibi 70 yìí ni mo ti jẹbi rí. Lọ́dún kan, mo ya ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ̀ ní 70 sórí igi tó fẹ̀ ní 70. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ìṣòro. Nígbà tí wọ́n yí i tán, mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin ní ibì kan tó pẹlẹbẹ lára ìlẹ̀kẹ̀, tí ojú ọbẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi fá igi ṣì wà níbẹ̀, bí ẹní gbàgbé láti fá apá kan irùngbọ̀n. Ohun tó fà á ni pé kò sẹ́ni tó lè gbé igi sáàárín léètì kó bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́. Tó bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan jìnnà sí àárín ní 36, ẹ̀gbẹ́ kejì sì jìnnà ní 34. Yíyí tó máa mọ́ yíká kò lè kọjá 34 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 68. Tó bá fi méjì yẹ̀, 66 ló kù. Látìgbà náà, 66 ni òkè téńté mi lórí igi 70, bó ti wù kí oníbàárà fẹ́ kó sanra tó.

Ìdajì la ń yà, odidi ló máa jáde

Ẹ wo ilẹ̀kùn kan tó rọ̀ mọ́ ìdè rẹ̀. Ká ní wọ́n gé etí rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, tí a sì lè yí i po yíká ìdè náà, tí kò sí ògiri tó dá a dúró. Ibi tí etí yẹn bá gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ ló máa di ara ẹsẹ̀ tábìlì wa. Ìdè ilẹ̀kùn ni ìlà àárín ẹsẹ̀. Etí tó gé wọ́gọwọ̀gọ ni ìlà ẹ̀gbẹ́ tí a fẹ́ yà.

Ó túmọ̀ sí pé ohun tí OpenSCAD ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni bí etí ṣe jìnnà sí ìdè, ìyẹn ìdajì ìbú. Àmọ́ ìdajì ìbú kọ́ ni kálípà ń wọ̀n, òun náà sì kọ́ ni oníléètì ń sọ lẹ́nu. Ìbú odindi ni gbogbo wa ń bá ara wa sọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé irú iṣẹ́ yìí lọ bá bàbá tó ń bá mi yí igi ní Èbúté-Mẹ́ta, ìbú odindi ni mo ti kọ síbi tó yẹ kí n kọ ìdajì. Bàbá gba bébà, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ tábìlì nìyí, àbí odó lẹ ní kí n gbẹ́?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Odó lóòótọ́ ni: 132 ni ibi tó sanra jù níbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó jọ mí lójú, torí pé kò sí ọwọ́ èèyàn tàbí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo lè fi wé e. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé n kò ní fi ọkàn pín in mọ́. Ìbú odindi ni mo ń kọ sílẹ̀ níbi gbogbo, ibì kan ṣoṣo nínú ìwé àṣẹ ni kọ̀ǹpútà ti ń pín in sí méjì.

Ìwé àṣẹ náà nìyí. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà:

```
d1 = [[0,34],[45,48],[45,36],[60,36],
      [520,60],[520,44],[530,44]];
d2 = [[552,44],[562,44],[595,64]];
ileke = [for (t=[-75:15:75])
         [541 + 11*sin(t), 44 + 22*cos(t)]];
d = concat(d1, ileke, d2);
p = [for (a=d) [a[1]/2, a[0]]];
rotate_extrude($fn=120)
  polygon(concat([[0,0]], p, [[0,595]]));
translate([-35,-35,595]) cube([70,70,130]);
```

Nínú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gíga láti ilẹ̀, ìkejì sì ni ìbú níbẹ̀. `[0,34]` ń sọ pé níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 34. Bó ṣe ń gòkè dé 45, ó fẹ̀ di 48. Lẹ́yìn náà ni a tún kọ 45 lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ pẹ̀lú 36. Gíga kan náà tó ní ìbú méjì, ìpele nìyẹn: igi á wọlé lójijì, bí ọrùn igò. Ọrùn náà gùn dé 60, látibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti máa sanra díẹ̀díẹ̀ títí dé 520, níbi tó ti di 60. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpele mìíràn wọlé sí 44, ìlẹ̀kẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ara igi á tún ṣí jáde láti 44 sí 64 kó tó kan onígun mẹ́rin.

Ẹ kíyè sí i pé láti ilẹ̀ ni mo ti ń ka gbogbo gíga. N kò kọ pé "ọrùn gùn ní 15, ara gùn ní 460." Tí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa sàmì sórí igi á máa gbé tépù láti orí àmì kan sí òmíràn, àṣìṣe ìdajì mìlímítà á sì máa gun orí ara wọn. Tí gbogbo àmì bá ti ẹnu kan náà wá, àṣìṣe àmì kan kò ní kó bá ìkejì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ibi kan ṣoṣo tí mo ti lo ìṣirò. Ìdajì òbírí ni, tó fẹ̀ ní 22 lórí gíga, láti 530 dé 552. Àárín rẹ̀ wà ní 541, ó sì yọ jáde ní 11 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìbú odindi, 11 lọ́nà méjì jẹ́ 22, ìdí nìyẹn tí 22 fi wà níwájú `cos`. Orí 44 ló jókòó lé, 44 àti 22 sì jẹ́ 66, òkè téńté wa. Tí ẹ bá fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó gbòòrò sí i, ẹ rántí pé bó bá ṣe ń gbòòrò ni yóò máa yọ síta. Ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ̀ ní 26 lórí 44 ti di 70, a sì ti padà sí ibi irùngbọ̀n tí wọn ò fá tán.

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `p =` ni ibi tí pípín sí méjì ti ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì ń yí ipò wọn padà: ìdajì ìbú á ṣáájú, gíga á tẹ̀ lé e. `polygon` á wá fi àárín kún un nísàlẹ̀ àti lókè kí ìlà náà lè padé. `rotate_extrude` ni ìdè ilẹ̀kùn, ó ń yí i po yíká. Ìlà ìkẹyìn ni onígun mẹ́rin 70 sí 70, tó ga ní 130. Òun kì í ṣe ara ohun tí a yí po. Mo ti rí ẹni tó gbìyànjú láti ti onígun mẹ́rin bọ inú ìlà ẹ̀gbẹ́, tó wá ń ṣe kàyéfì pé orí ẹsẹ̀ òun jáde ní róbótó.

Ẹ tẹ F5, ẹsẹ̀ á jáde. Tí ẹ kò bá kọ `$fn=120`, ohun tí ẹ máa rí kì í ṣe òbírí gidi, igun wẹ́wẹ́ ni, nǹkan bí 30 níbi tó sanra. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ lójú àwòrán, 66 á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta mìlímítà kan. Oníléètì ò ní mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé fáìlì náà fún ẹ̀rọ tó ń dá gé igi, ẹ má yọ 120 kúrò.

Kí kọ̀ǹpútà bá wa wò ó

Ojú lásán kò tó. Àwòrán tó rẹwà lè ru ìwọ̀n tí kò ṣeé yí, bí mo ti sọ nípa odó yẹn. Ẹ fi ìlà mẹ́rin yìí sísàlẹ̀:

```
bu = [for (a=d) a[1]];
echo(giga = d[len(d)-1][0] + 130, nla = max(bu), kekere = min(bu));
assert(max(bu) <= 66, "O ti sanra ju igi lo");
for (i=[1:len(d)-1]) assert(d[i][0] >= d[i-1][0], str("Wo ila ", i));
```

Tí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, ohun tí ẹ máa kà nínú àpótí ìsàlẹ̀ ni:

```
ECHO: giga = 725, nla = 66, kekere = 34
```

725 gbọ́dọ̀ bá ìṣirò tí a ṣe látorí tábìlì mu. Kì í ṣe látinú àwòrán la ti mú un, ìdí nìyẹn tó fi wúlò láti fi wé e. 34 ni ibi tó tín-ín-rín jù, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Tí nọ́ńbà yẹn bá já sí 17, ẹ ti pín ìbú sí méjì lórí bébà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, kọ̀ǹpútà sì tún máa pín in lẹ́ẹ̀kejì.

`assert` àkọ́kọ́ á kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ya ohunkóhun tí ìbú kan bá kọjá 66. Ìkejì ń wò ó bóyá gíga ń lọ sókè nìkan. Èyí ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní ọwọ́ yín ṣì, tí ẹ kọ 250 dípò 520 àkọ́kọ́: ibi tó yẹ kó jẹ́ òpin ara gígùn á bọ́ sáàárín ẹsẹ̀, gíga rẹ̀ ṣì ju 60 lọ, nítorí náà `assert` kò ní rí nǹkan kan, torí pé 250 àti 520 ṣì ń lọ sókè. Ìyẹn ni pé ó mọ ìtò, kò mọ èrò ọkàn yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ 520 kejì lẹ kọ ní 502, á pariwo lójú ẹsẹ̀, á sì sọ pé kí ẹ wo ìlà 5. Ẹ rántí pé láti òdo ló ti ń kà, kì í ṣe láti ení.

Fún irú àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn, ẹ mú ibì kan tí ẹ lè fi orí ṣírò, kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Èmi ń mú àárín ara gígùn. Láti 60 dé 520, àárín rẹ̀ wà ní 290. Ìbú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì 36 àti 60 lápapọ̀, ìyẹn 48.

```
echo(lookup(290, d));
```

Tó bá dáhùn 48, ara gígùn yẹn dọ́gba. Nígbà tí 250 ṣì wà níbẹ̀, ohun tó dáhùn fún mi ju 57 lọ, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ má bi `lookup` nípa ibi tó sún mọ́ ìpele, bíi 50 tàbí 525. Gíga kan tó ní ìbú méjì máa ń dà á láàmú, ó lè mú èyí tó wà nísàlẹ̀ ìpele kó sì fi ṣírò ohun tó wà lókè. Fún ọrùn àti ìpele, ẹ ka àkámọ́ náà fúnra yín, nọ́ńbà tẹ̀ lé nọ́ńbà.

Láti ojú kọ̀ǹpútà sí ọwọ́ oníléètì

Bàbá tó ń bá mi yí igi kì í wo kọ̀ǹpútà. Ohun méjì ni mo ń gbé lọ fún wọn: bébà tí ìdajì ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, àti ọ̀pá kan tí mo ti sàmì sí.

Fún bébà, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Ẹ yọ `rotate_extrude($fn=120)` àti ìlà `cube` kúrò, kí ẹ fi `polygon` sílẹ̀, kí ẹ sì fi èyí kún un:

```
translate([60,0]) square([2,100]);
```

Ẹ tẹ F6, kí ẹ wá gbé e jáde ní SVG. Igi 2 sí 100 tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Bébà A4 kò lè gba 595, A1 ni mo máa ń lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. Ẹ sọ fún ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ pé kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ fún àwòrán náà mọ́ bébà, torí ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe nìyẹn kí eteetí má bàa gé. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìfi rúlà irin wọn ẹlẹ́rìí náà. Tó bá jẹ́ 97 dípò 100, ìlẹ̀kẹ̀ 66 ti di 64, ara 595 sì ti di 577, ẹ má sì sanwó rẹ̀.

Bébà wà fún ojú. Ọ̀pá ni ọwọ́ ń lò. Mo ń gé pákó pẹlẹbẹ kan tó gùn ju 595 lọ díẹ̀, mo máa fi bírò sàmì sí 45, 60, 290, 520, 530, 541, 552, 562 àti 595, gbogbo rẹ̀ láti ẹnu kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìbú rẹ̀. Níbi ìpele, mo kọ méjèèjì, ọ̀kan lápá òsì, ìkejì lápá ọ̀tún, kí ó yéni ìhà wo ló sanra. Tí tépù yín bá ti pẹ́, tí irin ẹnu rẹ̀ ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ má wọ̀n láti ẹnu rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 100, kí ẹ sì fi 100 kún gbogbo nọ́ńbà.

Nídìí léètì, àmì 595 ló ń ṣáájú, torí ibẹ̀ ni onígun mẹ́rin pin sí. Wọ́n á fi ọbẹ gé e wọlé yíká kí etí rẹ̀ má bàa ya. Igi ṣì ní igun nígbà yẹn. Láti igun sí igun, igi 70 jẹ́ 99, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú kò rí igun tó ń yí: òjìji kan ló dà bí i. Ẹ fi ọwọ́ yí igi náà po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ lè mọ̀ pé kò kan irin tí a fi ń gbé ọbẹ dúró.

Lẹ́yìn tí apá ìsàlẹ̀ bá ti di róbótó, wọ́n á tẹ ọ̀pá mọ́ ọn, wọ́n á fi pẹ́ńsù gbé àmì sórí igi bó ṣe ń yí. Níbi àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé wọlé dé ìbú tí a kọ, tí kálípà fi lè bọ́ sórí rẹ̀. Mo máa ń bẹ bàbá pé kí wọ́n fi mìlímítà kan lé e: kálípà dúró sí 37 fún ọrùn 36, 45 fún 44, 67 fún ìlẹ̀kẹ̀. Sáńpépà ló máa jẹ èyí tó kù. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí ẹ tó fi kálípà kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ń tì í sórí igi tó ń yí títí yóò fi wọlé, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn, tèmi ò tíì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n bá ń so àmì wọ̀nyẹn pọ̀, 290 ni kí ẹ máa ṣọ́. Ojú máa ń fẹ́ kí ara gígùn wú díẹ̀ láàárín, ọwọ́ á sì tẹ̀ lé ojú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú kò burú, ó tilẹ̀ lè rẹwà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kan wú, tí ọ̀kan gún, tí ìkẹta ṣe bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀, oníbàárà á rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Wíwọ̀n ẹsẹ̀ tó ti yí tán

Mo ń wọn ibi márùn-ún lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọrùn ìsàlẹ̀, 290, orí ara gígùn, ìpele 44, àti ìlẹ̀kẹ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn tí mo bá ti yí igi náà ní ìdá mẹ́rin. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá yàtọ̀ ní ọ̀sán tí wọ́n yí i, igi ló mì lórí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá bára mu lọ́sàn-án yẹn, tí wọ́n wá yàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, igi ni kò gbẹ tó: bí ó ṣe ń gbẹ, ó ń sún kì lápá kan ju èkejì lọ, òbírí á sì di bí ẹyin. Kò sí àwòrán tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ̀bi ẹni tó ra igi ni, ìyẹn èmi.

Èyí ni ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a yí ti Súrùlérè tán. Ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì: ìlẹ̀kẹ̀ 66, àárín 48. Ẹsẹ̀ kẹta: ìlẹ̀kẹ̀ 66, àárín 49. Ẹsẹ̀ kẹrin: ìlẹ̀kẹ̀ 65, àárín 48, ìpele 43 dípò 44. Kò sí èyí tó yẹ ká tún ṣe níbẹ̀. Mìlímítà kan lára nǹkan róbótó, ojú kì í sábà mú un, àyàfi tí méjì bá dúró gbè ara wọn tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Gíga ni n kò dárí jì. Mo tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, mo to orí wọn mọ́ pákó kan tó gún, mo wá gé ẹnu ìsàlẹ̀ gbogbo wọn sí 725 pa pọ̀, torí mìlímítà kan níbẹ̀ ni tábìlì á fi máa mì tí ọbẹ̀ á fi máa dànù.

Lẹ́yìn náà ni mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí pákó orí tábìlì máa bò. Ìkíní àti ìkejì lọ síwájú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọlé. Ìkẹrin, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 65, mo kọ "ẹ̀yìn, apá ògiri" sí i lórí.